Bíbéèrè Ọ̀nà Lédè Gíríìkì, àti Bí A Ṣe Ń Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Júwe Rẹ̀

Ìbéèrè ọ̀nà lédè Gíríìkì ní ìpele mẹ́ta: ìkíni, gáfárà, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè gan-an. Láàárọ̀, ìkíni ni “kalimẹ́ra”. Nígbà tí ọ̀sán bá ti yẹ̀, ó di “kalispẹ́ra”, òun náà ni wọ́n sì ń kí ara wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. “Kaliníhta” dà bí “ó dàárọ̀” tiwa: ìgbà tí a bá ń pínyà lóru ni a máa ń sọ ọ́, a kì í fi í pàdé ènìyàn, bó ti wù kí alẹ́ lẹ́ tó. Ẹni tí kò bá dá a lójú èyí tó bá wákàtí náà mu lè sọ pé “ya sas”, kò sí ìgbà tí kò yẹ. Lẹ́yìn ìkíni ni gáfárà, ìyẹn “signọ́mi”. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ẹni tó tẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì fi ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá já lu ìbéèrè láìkí, láìtọrọ gáfárà, wọn yóò ṣì dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà lè kúrú, kó má sì ní ọ̀yàyà nínú.

Ọ̀nà Yorùbá ni a gbà kọ àwọn ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbí, ó sì rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé fáwẹ̀lì márùn-ún péré ni èdè náà ní: a, ẹ, i, ọ, u. Gbogbo wọn ló wà lẹ́nu Yorùbá tẹ́lẹ̀. Àmọ́, àmì tó wà lórí wọn kì í ṣe àmì ohùn o. Èdè Gíríìkì kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Ohun tó ní ni ìtẹnumọ́: sílébù kan nínú ọ̀rọ̀ ni a ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò dún ju àwọn tó kù lọ, tí yóò sì fà díẹ̀. Ibi tí a fi àmì sí ni ibi tí a ó tẹ̀. Bí a bá lọ tẹ ibòmíràn, ọ̀rọ̀ lè di ọ̀rọ̀ mìíràn. “Pọ́tẹ” ni “nígbà wo?”, “pọtẹ́” sì ni “láéláé”. Ẹni tó fẹ́ mọ ìgbà tí bọ́ọ̀sì yóò dé, tó wá tẹ ìparí ọ̀rọ̀ náà, ti béèrè bóyá bọ́ọ̀sì náà tiẹ̀ máa ń wá rí.

Kọ́ńsónáǹtì díẹ̀ náà wà tó yẹ kí a ṣọ́. “P” Gíríìkì kì í ṣe “p” inú “pẹ́pẹ́yẹ”. Ètè nìkan ni a fi ń pè é, bí òyìnbó ṣe ń pe Pítà. “V” dà bí “f” tí a fi ohùn sí: eyín òkè yóò kan ètè ìsàlẹ̀, ọ̀fun yóò sì máa gbọ̀n. Ní ti “d”, àwọn ará Gíríìsì máa ń jẹ́ kí orí ahọ́n yọ díẹ̀ sáàárín eyín kí wọ́n tó pè é, ṣùgbọ́n “d” Yorùbá lásán kò ní kí ọ̀rọ̀ má yé wọn.

Ibi tí èdè méjèèjì ti pàdé jù lọ ni ọ̀wọ̀. Bí Yorùbá ṣe ní “o” àti “ẹ”, bẹ́ẹ̀ náà ni Gíríìkì ní “ẹsí” fún ìwọ àti “ẹsís” fún ẹ̀yin, ẹni kan ṣoṣo tó bá tọ́ sí ọ̀wọ̀ ni wọ́n sì máa ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni púpọ̀. Ìyàtọ̀ ni pé ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń gbé ọ̀wọ̀ náà sí. “Ksẹ́ris” ni “o mọ̀”. “Ksẹ́rẹtẹ” ni “ẹ mọ̀”. Bí ẹnu bá ti dé orí “-tẹ” yẹn, ọ̀wọ̀ ti wọ ọ̀rọ̀. Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ibi tí Yorùbá ti máa ń ṣìnà náà nìyẹn, nítorí pé ohun tó ń pinnu ẹni tí a ó bọ̀wọ̀ fún kì í ṣe ọ̀kan náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ orí ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìfaramọ́ra ni: ṣé a mọ ara wa, àbí a kò mọ ara wa? Ọmọ Gíríìsì máa ń pe bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ní “ìwọ”, ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà pàápàá “ìwọ” ni, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó yájú. Ọmọ yìí kan náà, nígbà tó bá dàgbà, yóò sọ “ẹ̀yin” fún ọ̀dọ́ ọmọ ogún ọdún tó ń ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù tí kò dé rí. Ẹ jẹ́ ká wá wo Yorùbá ẹni àádọ́ta ọdún kan tó dúró ní ibùdókọ̀ l'Átẹ́nì, tó fẹ́ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Nílé, “o” ni yóò lò láìronú, nítorí náà “ksẹ́ris” ni yóò wá sí i lẹ́nu. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè má sọ nǹkan kan, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó dà bíi pé ẹni tí kò mọ òun rí kò ka òun kún. Ohun tó dára ni pé kí a máa lo “-tẹ” fún gbogbo àgbàlagbà tí a kò bá mọ̀ rí, ì báà ṣe ọ̀dọ́, kí a sì fi “ksẹ́ris” sílẹ̀ fún ọmọdé. Àwọn ọ̀dọ́ láàárín ara wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka èyí sí, wọ́n máa ń tètè bọ́ sí “ẹsí”.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní apá kejì. Ní abúlé pàápàá, bàbá arúgbó tí a béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi “ẹsí” dá wa lóhùn, kó sì fi “pẹdí mu” kún un, ìyẹn “ọmọ mi”. Ìfẹ́ ni, kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹni tí a pè bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pe bàbá náà ní “ẹsí”. Kó di “-tẹ” tirẹ̀ mú.

Orúkọ tí a fi ń pe ẹni tí a kò mọ̀ náà nílò ìṣọ́ra. “Kíriẹ” ni a ń pe ọkùnrin, “kiría” ni a ń pe obìnrin. Ní ìgboro Èkó tàbí Abẹ́òkúta, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ kò ní dùn bí a bá pè é ní “màmá” tàbí “bàbá” kí a tó béèrè ọ̀nà. Ní Átẹ́nì, ẹni tó bá pe obìnrin tí kò mọ̀ rí ní “yayá”, tó jẹ́ ìyá àgbà, ti sọ fún un pé ó ti darúgbó. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á bínú. “Kiría” kò ní ewu kankan. Bí a bá sì rí i pé ẹni náà ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí “kíriẹ” yóò tóbi jù fún un, “signọ́mi” nìkan tó láti pè é.

Ìbéèrè fúnra rẹ̀ lè rọrùn gan-an. “Pu ínẹ” ni “níbo ni ó wà?”, ohun tí à ń wá ni yóò tẹ̀ lé e. “Pu ínẹ i stási?” ni “níbo ni ibùdókọ̀ wà?” “Pu ínẹ tọ farmakíọ?” ni ti ilé oògùn. Ó yé wọn, kò sì sí àbùkù nínú rẹ̀, àmọ́ ó le díẹ̀ létí ẹni tí a kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó ń rọ̀ ọ́ ni “mípọs”. Ó sún mọ́ ohun tí “bóyá” ń ṣe nínú “bóyá ẹ mọ̀”: ó fún ẹni tí a bi ní àyè láti sọ pé òun kò mọ̀, kí ojú má sì tì í. “Signọ́mi, kiría, mípọs ksẹ́rẹtẹ pu ínẹ i stási?” Gbólóhùn yìí nìkan, tí a bá mọ̀ ọ́n sórí dáadáa, tó láti rìn já ìlú.

Bí ó bá jẹ́ pé a mọ ibi tí ibẹ̀ wà, tí ọ̀nà ibẹ̀ ni a kò mọ̀, a ó sọ pé “pọs bọrọ́ na páọ”, ìyẹn “báwo ni mo ṣe lè dé”. Ọ̀rọ̀ kékeré tó ń ṣáájú orúkọ ibẹ̀ máa ń yí padà: “stọ musíọ” fún mùsíọ́ọ̀mù, “stin platía” fún gbàgede ìlú, “stọn stathmọ́” fún ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ìdí ni pé gbogbo orúkọ lédè Gíríìkì ló jẹ́ akọ, abo, tàbí èyí tí kì í ṣe ọ̀kankan. Kò yẹ kí èyí dá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹni tó bá fi “stọ” sí ibi tí “stin” yẹ kó wà ti ṣe àṣìṣe, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tó ń lọ ti yé gbogbo ayé.

Ìbéèrè kan tún wà tó wúlò ju bí ó ti rí lójú lọ: “páọ kalá ya tin Ọmọ́nia?” Ẹni tó bá sọ ọ́ ń béèrè bóyá ọ̀nà tí òun ń tọ̀ yìí ló lọ sí Ọmọ́nia. Àǹfààní rẹ̀ ni pé “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” tó láti dáhùn rẹ̀. Nítorí pé wàhálà gidi fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè kì í ṣe ìbéèrè, ìdáhùn ni. Bí ìbéèrè bá ṣe dára tó lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a bi yóò ṣe rò pé a gbọ́ èdè náà dáadáa tó, tí yóò sì sáré sọ ọ̀rọ̀ tí a kò ní rí mú.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí etí máa ṣọ́ nínú ìdáhùn kò pọ̀. “Dẹksiá” ni ọ̀tún, “aristẹrá” ni òsì. Iwájú tààrà ní ọ̀rọ̀ méjì, “ẹfthía” àti “ísia”, ẹnì kan náà sì lè lo méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú kan. “Strípstẹ” tàbí “strívẹtẹ” ni “ẹ yà”. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka òpópónà ńlá fún ènìyàn. Iná ojú pópó tó ń darí ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní “fanári”, àti àdúgbò tóóró tó ya kúrò lára títì, tí wọ́n ń pè ní “stẹnọ́”, ni wọ́n ń kà. “Stọ dẹ́ftẹrọ stẹnọ́ aristẹrá” túmọ̀ sí pé kí a yà sósì ní àdúgbò tóóró kejì. “Prọ́tọ” ni àkọ́kọ́, “dẹ́ftẹrọ” ni ìkejì, “trítọ” ni ìkẹta. “Apẹ́nanti” ni òdìkejì títì, “dípla” ni ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá sọ pé “dío vímata”, ìṣísẹ̀ méjì ni wọ́n sọ yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kò jìnnà. Ó lè tó rírìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe rí gan-an lè béèrè pé “ínẹ makriá mẹ ta pọ́dia?”, ṣé ó jìnnà fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn?

Tí ọ̀rọ̀ bá ti yára jù, “piọ argá, parakalọ́” ni kí a sọ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ohun tó ń dáàbò bo ènìyàn jù ni pé kí ó tún ìdáhùn náà sọ ní kúkúrú lójú ẹni tó júwe, bí “ẹfthía, fanári, dẹksiá?” Bí a bá ti gbọ́ òsì bí ọ̀tún, ibẹ̀ ni yóò ti hàn, dípò kó hàn lẹ́yìn tí a ti rìn jìnnà lábẹ́ oòrùn.

“Bẹ́ẹ̀ ni” àti “bẹ́ẹ̀ kọ́” gan-an ló máa ń ṣi ọ̀pọ̀ àlejò lọ́nà. “Nẹ” ni bẹ́ẹ̀ ni. Etí tó ti mọ “no” àwọn òyìnbó lára máa ń gbọ́ ọ bí kíkọ̀, pàápàá tí ẹni náà bá sọ ọ́ léraléra, “nẹ, nẹ, nẹ”. “Ọ́hi” ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà mìíràn pàápàá, kò ní sí ọ̀rọ̀ kankan: ẹni tí a bi yóò gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan, yóò gbé ìpéǹpéjú sókè, yóò sì pa ahọ́n mọ́ èrìgì bíi “tsk”. Ọ́hi ni ìyẹn. Kò pòṣé, kò sì bú wa. Yorùbá tó bá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé wọ́n fi ojú tẹ́ńbẹ́lú òun, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ẹni náà sọ kò ju pé ọ̀nà kọ́ nìyẹn.

Ọwọ́ náà ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá na ìka márààrún, tó yà wọ́n síra, tó sì kọ àtẹ́lẹwọ́ sójú ẹlòmíràn, ti bú onítọ̀hún ní èébú tó le jù lọ tí ọwọ́ lè búni nílẹ̀ Gíríìsì. “Múdza” ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń béèrè bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún ni, tàbí tí a fẹ́ kí ẹni náà dúró díẹ̀, kí ọwọ́ má ṣe lọ síwájú bẹ́ẹ̀. “Pẹ́ndẹ” ni márùn-ún. Kí a fi ẹnu sọ ọ́.

Ní ti ẹni tó yẹ kí a bi, ibì kan wà tí ojú ọ̀pọ̀ àlejò máa ń fò. Ní ìkọríta púpọ̀ nínú àwọn ìlú Gíríìsì ni ìsọ̀ kékeré kan ti máa ń wà lẹ́bàá títì, tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn, omi, sìgá àti ìpápánu. “Pẹríptẹrọ” ni orúkọ rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn tó di aláàbọ̀ ara lójú ogun ni ìjọba ń fún ní ìwé àṣẹ rẹ̀ kí wọ́n lè máa rí oúnjẹ òòjọ́. Ẹni tó bá jókòó sínú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ojúmọ́ kan kì í ṣìnà àdúgbò rẹ̀, kò sì ń sáré lọ sí ibì kankan bí ẹni tí a dá dúró lójú ọ̀nà. Ní abúlé, ilé kọfí ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ohun tí kò dára ni kí a máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn láàárín aago 3 sí aago 5 ààbọ̀ ọ̀sán, nítorí pé àkókò ìsinmi ni, pàápàá nígbà ooru.

Orúkọ òpópónà náà máa ń fa ìdààmú, kì í sì í ṣe ẹ̀bi àlejò. Láàárín gbùngbùn Átẹ́nì, títì kan wà tí orúkọ rẹ̀ lábẹ́ òfin ń jẹ́ ti Ẹlẹfthẹ́riọs Vẹnizẹ́lọs, olóṣèlú ńlá ilẹ̀ náà. Gbogbo ará ìlú ló ń pè é ní Panẹpistimíu nítorí ilé yunifásítì tó wà níbẹ̀. Títì tó lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ìtàn àtijọ́ ń jẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá, ìyẹn ọjọ́ tí Gíríìsì kọ ohun tí ìjọba Ítálì béèrè ní 1940. Patisíọn ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ka orúkọ tó wà lórí àwòrán ìlú sókè lè rí i kí ẹni tó ti gbé ibẹ̀ láti kékeré máa ronú kó tó dáhùn. Ó sàn kí a fi ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ béèrè: gbàgede, ibùdó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí a bá sì fẹ́ ka orúkọ lórí pátákó, orúkọ ọmọ Yorùbá kan lè kọ́ wa ní ohun tó pọ̀. Giannis Antetokounmpo, agbábọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n tí wọ́n bí sí Átẹ́nì ní 1994, Adétòkunbọ̀ ni orúkọ bàbá rẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún ìró “d” àti “b” tiwa, nítorí náà wọ́n ń fi “nt” kọ “d”, wọ́n ń fi “mp” kọ “b”, wọ́n sì ń fi “ou” kọ “u”. Nígbà tí wọ́n wá dá orúkọ náà padà sí lẹ́tà òyìnbó fún ìwé ìrìnnà, ó di èyí tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Òfin yìí kan náà ló wà lórí pátákó. “Ermou”, òpópónà ọjà tó jáde láti Síndagma, “Ẹrmú” ni a ń pè é, “bọrọ́” tó wà nínú ìbéèrè wa sì ni wọ́n ń fi “mp” bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lédè tiwọn.

Kí gbogbo èyí lè hàn kedere, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ẹnì kan láti Síndagma, gbàgede tó wà níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Átẹ́nì, dé Mùsíọ́ọ̀mù Ìtàn Àtijọ́ ti Orílẹ̀-èdè. Ó lọ bá ọkùnrin tó wà nínú pẹríptẹrọ, ó ní: “Kalimẹ́ra sas. Signọ́mi, kíriẹ, mípọs ksẹ́rẹtẹ pọs bọrọ́ na páọ stọ Arhẹọlọyikọ́ Musíọ?” “Sas” tó fi kún ìkíni, ọ̀wọ̀ ni: ẹ̀yin ló kí.

Ọkùnrin náà dáhùn: “Na párẹtẹ tọ mẹtrọ́, tin kọ́kini gramí, prọs Anthúpọli. Dío stásis.” Ó ní kó wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ìlà pupa, èyí tó ń lọ sí Anthúpọli, ibùdó méjì péré. Ibùdó àkọ́kọ́ ni Panẹpistímiọ, ìkejì ni Ọmọ́nia. Ó wá fi kún un: “Tha katẹvítẹ stin Ọmọ́nia. Mẹtá tha pátẹ ẹfthía tin Patisíọn, kẹ stọ dẹksí sas hẹ́ri, mẹtá tọ Pọlitẹhníọ, ínẹ tọ musíọ.” Kó sọ̀ kalẹ̀ ní Ọmọ́nia, lẹ́yìn náà kó máa lọ tààrà ní Patisíọn, lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó bá ti kọjá Pọlitẹhníọ, mùsíọ́ọ̀mù ló kàn. Pọlitẹhníọ ni ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dìde sí ìjọba ológun ní oṣù kọkànlá 1973, kò sì sí ará Átẹ́nì tí kò mọ ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin náà fi fi í ṣe àmì dípò kó dárúkọ nọ́ńbà ilé.

Àlejò náà kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. “Prọs” kọjá létí rẹ̀, “hẹ́ri” náà kọjá. Ṣùgbọ́n ó mú “kọ́kini”, ó mú “dío”, ó mú “Ọmọ́nia” àti “dẹksí”. Ó tún un sọ: “Kọ́kini gramí, dío stásis, Ọmọ́nia. Mẹtá ẹfthía, kẹ dẹksiá?” Ọkùnrin náà ní: “Nẹ, nẹ, brávọ!” Bí àlejò náà bá dé Patisíọn tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù fún un, “páọ kalá ya tọ musíọ?”, ẹnikẹ́ni tó bá pàdé lè dáhùn rẹ̀ láìdúró.

Ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi “brávọ” yẹn, ó sì ní ìwọ̀n. “Ẹfharistọ́” ni “ẹ ṣé”. Ìparí rẹ̀ ni a ń tẹ̀. Òun nìkan tó fún ẹni tó na ọwọ́ sí ọ̀nà tó sì kọjá lọ. Fún ẹni tó dúró, tó ṣàlàyé bíi ti ọkùnrin yìí, “sas ẹfharistọ́ pọlí” ló yẹ, nítorí pé “sas” ń gbé ọ̀wọ̀ “-tẹ” tí a fi bẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá fi “-tẹ” béèrè, tó wá fi “sẹ” dúpẹ́, ti gba ọ̀wọ̀ rẹ̀ padà lójijì. Bí oore náà bá tóbi, “pára pọlí” yóò rọ́pò “pọlí”. Àwọn mìíràn ń sọ pé “hília ẹfharistọ́”, ẹgbẹ̀rún ọpẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń mú kí ojú ará Gíríìsì tàn jù ni “na 'stẹ kalá”. Àdúrà ni: kí ara yín ó le, kó dára fún yín. Yorùbá kì í ka ọpẹ́ sí ọpẹ́ tó kún bí àdúrà kò bá tẹ̀ lé e, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó tètè mọ́ ọn lẹ́nu. Inú ìwé kíkọ́ èdè, “ẹfharistọ́” ni wọ́n máa ń kọ́ ènìyàn ṣáájú. Ní ojú pópó, ẹni tó bá mọ ìgbà tí a ń fi “na 'stẹ kalá” kún un ni wọ́n máa ń rí bí ẹni tó mọ àṣà. “Sas ẹfharistọ́ pọlí, na 'stẹ kalá,” ìyẹn pé. Fún ọmọdé, yóò di “na 'sẹ kalá”. Bí a bá ń lọ, a lè fi “kalí sas mẹ́ra” parí rẹ̀, kí ọjọ́ yín ó dára.

Ìbéèrè mìíràn ni bí a ṣe máa ṣe sí ẹni tí kò lè ràn wá lọ́wọ́. “Dẹn ksẹ́rọ, dẹn ímẹ apọ́ ẹdọ́” ni wọ́n máa ń sọ: n kò mọ̀, n kì í ṣe ará ibí. A ṣì gbọ́dọ̀ dúpẹ́. “Dẹn pirázi, ẹfharistọ́”, kò burú, ẹ ṣé. Ẹni tó bá yíjú kúrò láìsọ èyí ti jẹ́ kó hàn pé ọ̀nà nìkan lòun wá gbà lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Nígbà mìíràn, ẹni tí a bi yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì sìn wá dé ibẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì ní Gíríìsì, ní erékùṣù àti abúlé pàápàá. Kí a má ṣe na owó sí i. Oore ni ó ṣe, owó yóò sọ ọ́ di iṣẹ́ tó gbà ṣe, ó sì lè dùn ún. “Sas ẹfharistọ́ pára pọlí” pẹ̀lú “na 'stẹ kalá” ni owó rẹ̀, a sì lè tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìkúnlẹ̀, kò sí ìdọ̀bálẹ̀. Kí a wò ó lójú, kí a rẹ́rìn-ín, ó tó. Àwọn tí a kọ́ nílé pé ká má wo àgbà lójú ní láti fara dà á, nítorí pé ẹni tó bá ń wolẹ̀ nígbà tó ń dúpẹ́ lè dà bí ẹni tí kò dúpẹ́ látọkànwá.

Ìdáhùn tí wọ́n máa fún wa ni “parakalọ́” tàbí “típọta”, kò tọ́pẹ́. “Parakalọ́” yìí kan náà ni “ẹ jọ̀ọ́”, òun náà ni onípẹríptẹrọ fi ń béèrè ohun tí a fẹ́ rà, òun náà ni wọ́n sì fi ń gbé fóònù. Àwọn mìíràn yóò dá “na 'stẹ kalá” padà fún wa, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣe àmín, tó sì tún ń gbàdúrà tirẹ̀. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, “kẹ ẹsís” ni kí a sọ, ẹ̀yin náà. Bí ó bá jẹ́ pé “kalí sas mẹ́ra” ni wọ́n kí wa, “ẹpísis” ló bá a mu, bẹ́ẹ̀ náà fún yín, a ó sì máa bá ọ̀nà wa lọ.